Ìṣirò “Bó Bá Burú Jù”
Ẹni tó bá kọ èrè tó ń retí sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ìṣirò náà ní ìbéèrè méjì. Bí ohun kan ṣoṣo bá yí padà, tí gbogbo ìyókù dúró, èló ni èrè yóò dà? Bí ohun púpọ̀ bá wá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú oko adìẹ ẹlẹ́yin tó ní 1,000 adìẹ. Ká ní wọ́n ń ta kéréètì ẹyin 750 lóṣù, ní ₦5,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦3,750,000. Oúnjẹ adìẹ gba ₦2,700,000, ìnáwó yòókù ₦550,000, èrè ku ₦500,000. Ipò àárín nìyẹn, bí nǹkan ṣe sábà ń lọ. Bí oúnjẹ nìkan bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá wọ́n sí i, èrè á di ₦230,000. Bí owó ẹyin nìkan bá já wálẹ̀ bákan náà, ₦125,000 ló kù. Owó ẹyin ló yẹ ká máa ṣọ́ jù.

Ipò tó dára jù kò le: owó ẹyin fi ìdá kan nínú mẹ́wàá gòkè, èrè di ₦875,000. Ipò tó burú jù ni ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe. Wọ́n á gé ìdá kan nínú mẹ́wàá lára ẹyin, wọ́n á sì gé e lára oúnjẹ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀, adìẹ tí kò yé dáadáa ṣì ń jẹun! Bí ẹyin bá dín sí kéréètì 675, tí oúnjẹ tún fi ìdá kan nínú mẹ́wàá wọ́n sí i, àdánù ₦145,000 ni. Bí irú oṣù bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mẹ́ta, olóko nílò ₦435,000 nílẹ̀ kí oko má bàa dúró.