Ìṣírò ipò oyè yunifásítì

Ìṣírò ipò oyè ni ọ̀nà tí yunifásítì ń gbà sọ gbogbo èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́, láti ọdún kìíní títí dé ọdún ìparí, di ipò kan ṣoṣo tí a ó kọ sára ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìpíndọ́gba àpapọ̀, èyí tí a ń kọ sí ojú ìwé èsì bíi CGPA, ni a fi ń pinnu ipò yìí. Àyọkà yìí dá lórí ìwọ̀n alápóìntì márùn-ún, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ń lò, àti lórí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ tí èsì rẹ̀ kù díẹ̀ kí ó wọ ipò tí ó ga jù.

## Àwọn ipò àti ààlà wọn

| Ipò | Ìpíndọ́gba àpapọ̀ |
|---|---|
| Ipò kìíní (fọ́ọ̀sì kíláàsì) | 4.50 – 5.00 |
| Ipò kejì, apá òkè (tuú-wọ́ọ̀nù) | 3.50 – 4.49 |
| Ipò kejì, apá ìsàlẹ̀ (tuú-tuú) | 2.40 – 3.49 |
| Ipò kẹta | 1.50 – 2.39 |

Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ni ó ń lo ìwọ̀n yìí. Fún àpẹẹrẹ, Yunifásítì Ìbàdàn lo ìwọ̀n alápóìntì méje fún ọ̀pọ̀ ọdún, ààlà ipò níbẹ̀ sì yàtọ̀. Ìwé òfin ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe ìṣirò.

## Bí a ṣe ń ṣe ìṣirò náà

Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní iye yúníìtì tirẹ̀, tí ó ń fi bí kọ́ọ̀sì náà ṣe wúwo tó hàn. Máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà ni a kọ́kọ́ ń yí padà sí póìntì. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, 70 sókè jẹ́ A, póìntì 5. 60 sí 69 jẹ́ B, póìntì 4. 50 sí 59 jẹ́ C, póìntì 3. 45 sí 49 jẹ́ D, póìntì 2. 40 sí 44 jẹ́ E, póìntì 1. Ohun tí ó bá kéré sí 40 jẹ́ F, kò sì ní póìntì kankan. A ó sọ póìntì náà di púpọ̀ pẹ̀lú yúníìtì kọ́ọ̀sì, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi àpapọ̀ yúníìtì pín in.

```
CGPA = àpapọ̀ (póìntì × yúníìtì) ÷ àpapọ̀ yúníìtì
```

Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ṣe kọ́ọ̀sì márùn-ún ní sáà àkọ́kọ́. Ó gba A nínú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 (15), B nínú oníyúníìtì 3 (12), A nínú oníyúníìtì 2 (10), C nínú oníyúníìtì 4 (12), àti E nínú oníyúníìtì 2 (2). Àpapọ̀ póìntì rẹ̀ jẹ́ 51, yúníìtì rẹ̀ jẹ́ 14. Nígbà tí a bá fi 14 pín 51, ìpíndọ́gba sáà náà jẹ́ 3.64.

Ní sáà kejì, ó ṣe yúníìtì 22, ó sì ní póìntì 99, èyí tí ó jẹ́ 4.50. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ níhìn-ín ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ro 3.64 mọ́ 4.50, kí ó sì fi 2 pín in, kí ó wá rò pé 4.07 ni òun ní. Sáà kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí pé yúníìtì rẹ̀ pọ̀ jù. Ìṣirò tí ó tọ́ ni kí a ro póìntì méjèèjì pọ̀ (150), kí a sì fi àpapọ̀ yúníìtì (36) pín in: 4.17.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba F, tí ó sì tún kọ́ọ̀sì náà ṣe, ìgbà méjèèjì ni a ń kà. Bí ó bá gba A nínú àtúnṣe kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3, póìntì 15 ni yóò ní lórí yúníìtì 6, kì í ṣe lórí yúníìtì 3.

## Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lẹ́bàá ààlà

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ṣe yúníìtì 126 kí sáà ìparí tó bẹ̀rẹ̀, póìntì rẹ̀ sì jẹ́ 561, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 4.45. Ó ku yúníìtì 18. Láti mọ̀ bóyá ipò kìíní ṣì ṣeé dé, a ó kọ́kọ́ wá iye póìntì tí ó gbọ́dọ̀ ní ní ìparí: 4.50 lọ́nà 144, tí í ṣe 648. Ó ku 87 kí ó tó dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni 90 ni póìntì tí ó pọ̀ jù lọ tí yúníìtì 18 lè mú wá. Nítorí náà, póìntì 3 péré ni ó lè pàdánù. Ó lè gba B nínú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 kan ṣoṣo, kí gbogbo èyí tí ó kù sì jẹ́ A. Bí ó bá tún gba B nínú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 2, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 646, ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò jẹ́ 4.486, yóò sì wà ní ipò kejì apá òkè. Máàkì 69 àti 60 kò yàtọ̀ síra nínú ìṣirò yìí, nítorí B ni méjèèjì.

Ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni bóyá a lè sọ èsì náà di 4.50. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ìpíndọ́gba sí ẹsẹ méjì lẹ́yìn àmì ìdá: kí a sún un sí iye tí ó súnmọ́ jù lọ, tàbí kí a gé èyí tí ó kù dànù. Kí sísún tó lè gbé ènìyàn wọ ipò kìíní, ìpíndọ́gba rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 4.495. Akẹ́kọ̀ọ́ oníyúníìtì 144 kò lè ní irú iye bẹ́ẹ̀ láé: póìntì 647 fún un ní 4.493, 648 sì fún un ní 4.50 gan-an. Ṣùgbọ́n bí yúníìtì bá jẹ́ 145, póìntì 652 jẹ́ 4.4966. Bí a bá sún un, ó di 4.50, bí a bá gé e, ó di 4.49. Ní ààlà yìí, àfi kí àpapọ̀ yúníìtì jẹ́ iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, tí ó sì ju 100 lọ, tàbí kí ó tó 200, ni ọ̀rọ̀ sísún àti gígé tó lè yí ipò padà.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ni kí ó yẹ èsì rẹ̀ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ṣé kọ́ọ̀sì kan kò ní èsì, ṣé yúníìtì tí a kọ bá ti ìwé òfin mu, ṣé máàkì iṣẹ́ sáà wọ inú àpapọ̀. Ó yẹ kí ó ṣe èyí kí Sẹ́nétì tó fọwọ́ sí èsì ìparí, nítorí àtúnṣe máa ń nira lẹ́yìn ìgbà náà.

## Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdá ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò: 70 fún ipò kìíní, 60 fún apá òkè ipò kejì, 50 fún apá ìsàlẹ̀, 40 fún ipò kẹta. Àwọn ọdún ẹ̀yìn sì máa ń wúwo ju àwọn ti ìṣáájú lọ. Àwọn yunifásítì kan ní òfin ẹ̀bá ààlà: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní 68.6 lè gba ipò kìíní bí, fún àpẹẹrẹ, ìdajì kírẹ́dítì ọdún ìparí rẹ̀ bá tó 70. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì náà gbé jáde ní ọdún 2020 sọ pé ẹ̀bá ààlà kò gbọ́dọ̀ ju máàkì 2 lọ, àti pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a gbọ́dọ̀ sún máàkì, ní ìparí ìṣirò. Èyí ni ó fà á tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti Nàìjíríà lọ sí Gẹ̀ẹ́sì kò fi gbọdọ̀ fi òfin ọ̀kan ka èsì èkejì.