Òrùlé Ewé ní Etí Òkun Lẹ́kí àti Ajá

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Ajá kọjá lónìí, páànù àti símẹ́ǹtì ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá yà sí apá gúúsù, tí ó sì rìn títí dé etí òkun, yóò bá àwọn àtíbàbà tí a fi ewé bò, níbi tí àwọn ará Èkó ti ń gbafẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Ohun tí àwọn baba wa fi ń bo ilé gbígbé ni àwa fi ń bo ibi ìgbafẹ́. Kí ni ó lé òrùlé yìí kúrò lórí ilé ènìyàn, kí ni ó sì mú un padà wá? Ní tèmi, ooru kọ́ ni ó lé e lọ, òjò pàápàá kọ́. Iná ni ó ṣíwájú àwọn ohun tí ó lé e. Iná náà kò sì tíì kúrò nídìí ọ̀rọ̀, bí a ti fẹ́ rí i.

Ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàrin òkun àti ọ̀sà ni ilẹ̀ Lẹ́kí. Iyanrìn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n àbàtà kò jìnnà, inú àbàtà sì ni igi ògùrọ̀ ti ń hù, èyí tí a ń pe ewé rẹ̀ ní ìko. Kálukú a máa bo ilé pẹ̀lú ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ bá fún un. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ní koríko bẹẹrẹ, èyí tí wọ́n fi ń bo ààfin Aláàfin, tí ọdún Bẹẹrẹ sì ti inú rẹ̀ jáde. Àwọn ará igbó ní ewé gbodogì. Ní etí ọ̀sà, ìko ni, tàbí imọ̀ ọ̀pẹ àti imọ̀ àgbọn fún ẹni tí kò ní agbára púpọ̀. Nínú àwọn ohun etí ọ̀sà wọ̀nyí, ìko ni ó le jù, nítorí pé awọ ara rẹ̀ dán, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe é. A ó já ewé ìko kúrò lára ọ̀pá rẹ̀, a ó ká a kọjá lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi okùn ìko rán an pọ̀ lábẹ́ ọ̀pá náà kí ó má baà yọ. Abala ewé kan ni èyí. Nígbà tí a bá fẹ́ bo ilé, ìsàlẹ̀, ní etí òrùlé, ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó so abala kìíní mọ́ ẹkẹ́, a ó so èkejì sókè rẹ̀ kí ó lè bo apá kan rẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe títí a ó fi dé ṣóńṣó. Òjò tí ó bá bọ́ sórí ewé òkè yóò ṣàn sórí ewé ìsàlẹ̀ títí yóò fi bọ́ sílẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáradára, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò àtíbàbà kékeré kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 20. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà 6 ga ju etí òrùlé lọ, òrùlé náà dagẹ̀rẹ́ tó, nítorí pé ìwọ̀n tí ó fi ga àti ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ìhà kọ̀ọ̀kan yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ààbọ̀ láti etí dé ṣóńṣó. Bí abala ewé bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, mẹ́rin ni yóò tẹ́ ìlà kan. Bí ìlà kan bá sì fi ìdajì ẹsẹ̀ bàtà ga ju èkejì lọ, ìlà 17 ni yóò wà ní ìhà kan, èyí tí ó jẹ́ abala 68, tàbí 136 fún ìhà méjèèjì. Oníṣẹ́ tí ó bá fẹ́ jẹ èrè òjijì yóò ta ìlà rẹ̀ jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà kan, abala 72 péré ni yóò sì lò. Láti òde, a kò lè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan kí ẹ sì gbójú sókè: bí ẹ bá rí ojú oòrùn tí ń tàn bí ìràwọ̀ káàkiri, ẹ mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ yóò bá yín nínú ilé.

Ìtutù òrùlé yìí kì í ṣe àròsọ. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàrin ewé ni ó ń ṣiṣẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ tí kò rìn kì í jẹ́ kí ooru kọjá kíákíá. Páànù kò ní irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú un, ó lè gbóná ju 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígírédì, ó sì ń tú ooru náà sórí ẹni tí ó jókòó sísàlẹ̀ bí ẹni pé iná ni wọ́n dá sókè. Ní òru, páànù a tètè tutù, nítorí náà ẹni tí ó bá sùn sábẹ́ rẹ̀ lè má dá a lẹ́bi. Ọ̀sán ni ó ń fi í hàn. A sì gbọ́dọ̀ fi ariwo òjò kún un, èyí tí olùkọ́ ilé-ìwé tí ó ti kọ́ni lábẹ́ páànù ní oṣù Okúdù kò nílò kí n ṣàlàyé fún un.

Bí ó bá tutù tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a padà sí Èkó ní oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1851. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ kí wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù náà ni ìjà ńlá ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Èkó ní ìbọn ńlá ní etí omi, wọ́n sì jà dáradára. Ogun oṣù Bélú tí ó ṣáájú ni wọ́n ti lé padà. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọta oníná wá, irú èyí tí ń fò tí ó sì ń jó lọ bí ìràwọ̀ tí ó já. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sí ilé Ọ̀ṣọ́dì Tápà, níbi tí ètù ìbọn wà. Ètù náà bú gbàmù, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí ilé kan fò sórí èkejì.

Ẹ kíyè sí àkókò náà. Oṣù Ọ̀pẹ ni, ọ̀dá ti wọlé, ewé orí ilé ti gbẹ. Ògiri amọ̀ kì í jó, ṣùgbọ́n òrùlé gbogbo ìlú sún mọ́ra. Ewé tí iná bá mú kì í dúró sójú kan. Ẹ̀ta rẹ̀ fẹ́lẹ́, atẹ́gùn a gbé e, ibi tí ó bá sì bọ́ sí, ilé mìíràn ni. Kòsọ́kọ́ fi ìlú sílẹ̀, ó gba ọ̀nà ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó kọjá lẹ́yìn ilẹ̀ Lẹ́kí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Èmi kò sọ pé òrùlé ni ó ba ogun jẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ka ìtàn ogun náà kò gbọdọ̀ ka ìbọn nìkan kí ó gbàgbé ewé.

Àwọn baba wa mọ ewu náà kí òyìnbó tó dé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú òkè, wọn a máa tẹ́ igi sórí ògiri lábẹ́ òrùlé, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ nípọn. Àjà nìyẹn. Bí òrùlé bá jó tán, eérú yóò bọ́ sórí amọ̀, ẹrù tí ó wà nínú yàrá yóò sì yè. Ọgbọ́n yìí dára gidigidi, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ògiri amọ̀ tí ó lágbára, ilé tí a fi ọparun àti imọ̀ kọ́ sórí iyanrìn etí òkun kò sì lè gbé e.

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù náà jẹ irú ìyà yìí. Ní 1212, lẹ́yìn iná ńlá kan, wọ́n fi òfin de òrùlé koríko. Ní 1613, ìbọn tí wọ́n yìn nínú eré mú òrùlé koríko ilé-eré Ṣekisípíà tí ń jẹ́ Gílóòbù, ilé náà sì jó kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún irú rẹ̀ kọ́, tí wọ́n sì ṣí i ní 1997, wọ́n tún fi koríko bò ó, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń fọ́n omi sára òrùlé náà. Ẹ̀rọ omi yẹn ni ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ rántí.

Páànù ni ó dá àwọn ará Èkó nídè láti ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá. Àwọn ènìyàn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kì í ṣe nítorí iná nìkan. Ewé ìko ń fẹ́ àtúnṣe ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ẹni tí ó ti kúrò ní oko tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì ní àyè láti pe ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bo ilé. Síbẹ̀ ní etí òkun gan-an, páànù kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Atẹ́gùn òkun ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì ń jẹ irin. Páànù fẹ́lẹ́ lè dípẹtà kí ó sì lu láàrin ọdún díẹ̀, nígbà tí iyọ̀ kò rí nǹkan kan ṣe fún ìko.

Ohun tí ń pa ìko ni omi tí kò rí àyè gbẹ. Òrùlé tí kò dagẹ̀rẹ́ tó, tàbí èyí tí igi ṣíji bò, yóò máa jẹrà láti inú wá. Ohun kan sì tún wà tí àwọn onílé ìgbafẹ́ kò mọ̀. Ní ayé àtijọ́, èéfín ààrò a máa gòkè lọ sínú ewé lójoojúmọ́, ó ń gbẹ ẹ́, ó sì ń lé kòkòrò. Àtíbàbà òde òní kò ní ààrò lábẹ́. Nítorí náà kòkòrò àti eku a máa gbé inú rẹ̀, ewé a sì gbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Bí ààrò bá sì wà, ààrò ẹran súyà ni, pẹ̀lú wáyà iná mànàmáná tí wọ́n so mọ́ ẹkẹ́, àti bàńgà tí àwọn ọmọ ń yìn ní ìgbà Kérésìmesì. Ẹ tún wo oṣù náà: oṣù Ọ̀pẹ kan náà ni, ewé gbẹ bí ti 1851, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ ní ọ̀sán. Àtíbàbà tí ó fara kan àtíbàbà ti di ìlú kékeré tí òrùlé rẹ̀ sún mọ́ra.

Àwọn mìíràn ń rẹ ewé sínú omi tí wọ́n po bóráksì mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, kì í jẹ́ kí iná tètè ràn, ṣùgbọ́n òjò a máa fọ̀ ọ́ kúrò, òjò Èkó kì í sì í ṣe kékeré. Ẹni tí kò bá tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà òjò ti ná owó rẹ̀ lásán. Àwọn mìíràn ń tẹ́ páànù kí wọ́n tó to ewé lé e. Èyí tutù, kò sì jò. Ṣùgbọ́n omi tí ó bá há sáàrin méjèèjì yóò jẹ ewé, bí iná bá sì wọ ibẹ̀, yóò máa rìn lábẹ́lẹ̀ níbi tí omi tí a bá dà kò ti lè bá a. Ti ewé ọ̀rá tí wọ́n ń tà báyìí, kì í jẹrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè jó, a sì máa yọ́ sórí ẹni tí ó wà lábẹ́.

Bí mo bá fẹ́ bo àtíbàbà kan ní Òkun Ajá, n ó fi àyè tí ó fẹ̀ sílẹ̀ láàrin rẹ̀ àti èkejì, n ó gbé ààrò lọ sí ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, jìnnà sí ewé, n ó sì gbé àgbá omi méjì àti àkàbà sí ìta. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, nígbà tí oòrùn bá ti ràn fún ọjọ́ kan, n ó ti ọwọ́ mi bọ inú ewé ní etí òrùlé. Bí ó bá ṣì tutù nínú, tí ó sì ń fọ́ sí mi lọ́wọ́, abala yẹn ni n ó yọ, n kò ní dúró de ọdún kẹta.