Ta Ni Ó Ń Sọ̀rọ̀? Ohùn Òbí, Ohùn Ọmọ àti Ìdákẹ́ Ìyá Nínú Ewì Àbíkú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ òwe yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń wá. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó béèrè ẹnu ẹni tí òwe náà ti jáde. Kì í ṣe ẹnu olóògùn, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ pe ara rẹ̀ ní èké. Kì í ṣe ẹnu ìyá ọlọ́mọ, nítorí òwe náà kò sunkún. Ẹni tí ó dúró síta, tí ó ń wo ìpọ́njú ilé onílé, ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí olùsọ̀rọ̀ bá yí padà, ọ̀rọ̀ náà yóò yí padà. Ìdí nìyí tí ìtàn ewì àbíkú fi jẹ́ ibi tí ó dára jù lọ láti kọ́ bí a ṣe ń dá ohùn inú ewì mọ̀ yàtọ̀ sí ohùn akéwì fúnra rẹ̀.

Ohùn tí ó pẹ́ jù nínú ìtàn yìí ni ohùn òbí, inú orúkọ ni ó sì wà. Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó to àwọn orúkọ àbíkú jọ: Málọmọ́, Bánjókòó, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́ àti àwọn mìíràn. Ẹ wo Dúrósinmí. Gbólóhùn kan ni. “Dúró” jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣẹ tí ó dojú kọ ọmọ. “Mi” tí ó wà ní ìparí ni òbí tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ náà sin òun, kí òun má baà tún sin ín. Kòsọ́kọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Òbí kò bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ó kàn sọ fún ọmọ pé kò sí ọkọ́ tí wọn yóò fi gbẹ́ ilẹ̀ fún un mọ́. Nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, òbí ni ó ń sọ̀rọ̀, ọmọ ni a ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ kò sì fèsì.

Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn akéwì ọmọ Nàìjíríà méjì kọ ewì lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì sì pe ewì wọn ní “Àbíkú”. J. P. Clark, ọmọ agbègbè Niger Delta, fi tirẹ̀ sínú ìwé ewì rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1965. Wọlé Ṣóyínká fi tirẹ̀ sínú ìwé Ìdánrè, tí ó jáde ní ọdún 1967.

Ohùn òbí àtijọ́ ni Clark gbà lò. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórúkọ agbo ilé. Bí ẹni tí ó ti rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀: bí ilé kò bá wu ọmọ náà, kí ó kúkú dúró síta lórí igi osè. Ó jẹ́wọ́ pé òrùlé ilé náà ń jò. Ṣùgbọ́n láàárín ewì, ohùn náà rọ̀, ó sì di ẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ náà wọlé, kí ó jókòó títí. Ilé náà mọ̀ ọ́n dájú, nítorí àpá ọ̀bẹ wà lẹ́yìn rẹ̀ àti láyà rẹ̀. Lójú olùsọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rí ìbátan ni àpá náà.

Ṣóyínká fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ọmọ tí a ti ń bẹ̀. Àbíkú náà ní asán ni ìdè tí wọ́n fi sí òun lẹ́sẹ̀. Ewúrẹ́, owó ẹyọ, epo pupa àti eérú kò lè dá òun dúró. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ àpá, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pàṣẹ pé kí wọ́n fi iná sàmì sí òun láyà, kí wọ́n lè dá òun mọ̀ bí òun bá tún padà wá. Àpá tí ó jẹ́ ẹ̀rí ìbátan lẹ́nu agbo ilé ti di ẹ̀fẹ̀ kíkorò lẹ́nu ọmọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gbólóhùn kékeré kan dán ìyípadà yìí wò. “Wọ́n so ṣaworo mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀”: aládùúgbò ni ó ń ròyìn. “A so ṣaworo mọ́ ọ lẹ́sẹ̀”: òbí ni ó ń ka ohun tí ó ti ṣe fún ọmọ rẹ̀. “Ẹ so ṣaworo mọ́ mi lẹ́sẹ̀”: ọmọ ni ó ń sọ̀rọ̀, bí ó bá sì ti mọ̀ pé òun ń lọ, yẹ̀yẹ́ ni ó ń ṣe. Ṣaworo kan náà ni, ẹsẹ̀ kan náà ni. Arọ́pò orúkọ ni ó yí, ìmọ̀lára sì yí tẹ̀lé e.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n á kọ ọ́ pé “Ṣóyínká kò láàánú ìyá rẹ̀.” Ṣóyínká kọ́ ni “èmi” inú ewì náà. Àwọn mìíràn á ní ọmọdé ni ó ń sọ̀rọ̀. Èyí náà kò tó. Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé béèrè ni ohun tí olùsọ̀rọ̀ mọ̀. Ọmọdé kò lè mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ tí a sin òkú sí, kò sì lè rántí iye ìgbà tí òun ti lọ. Olùsọ̀rọ̀ yìí mọ̀ wọ́n. Ó tilẹ̀ ń dárúkọ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń sọ nípa rẹ̀. Ọmọ ni, òkú sì ni. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Ẹnì kan ṣì wà tí kò sọ̀rọ̀ nínú ewì méjèèjì. Nínú ti Clark, wọ́n ń sọ nípa ìyá ni: ara rẹ̀ ti rẹ̀, wàrà rẹ̀ sì ń kan. Nínú ti Ṣóyínká, òun àti àwọn ìyá bíi tirẹ̀ ni àbíkú ń bá wí, ṣùgbọ́n igbe nìkan ni ó kù fún wọn. Ìdákẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Lóde òní, a mọ̀ pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí ó ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀. Bí bàbá àti ìyá bá jọ ní èèhù àìsàn náà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú oyún mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jogún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún oyún kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ni ikú fi lè padà sí ilé kan náà. Ìyá tí ó sin ọmọ mẹ́ta kò sin ọmọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sin. “Èmi” kan ṣoṣo tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú ewì ni ó so gbogbo wọn di ẹnì kan, ohùn ìyá nìkan ni ì bá sì tú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1991, Ben Okri gba ẹ̀bùn Booker fún ìwé ìtàn àròsọ tí àbíkú kan tí ń jẹ́ Azaro ń sọ. Azaro náà ń sọ̀rọ̀ bí “èmi”, ṣùgbọ́n ó yàn láti dúró sáyé. Lára ìdí tí ó mẹ́nu bà ni pé ó fẹ́ fi ayọ̀ sí ojú obìnrin tí yóò bí òun. Ohùn ọmọ ni síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ tí ó ti rí ojú ìyá rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ kò tíì sọ tirẹ̀ níbẹ̀. Bí olùkọ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kíláàsì ti lóye ẹ̀kọ́ yìí, kí ó ní kí wọ́n kọ ìlà mẹ́jọ lẹ́nu ìyá náà.