Bí Iná Bá Lọ: Ibi Tí Ẹ Lè Tọ́jú Ínsúlínì Sí

Bí iná bá lọ, tí fíríìjì ò sì tutù mọ́, ẹ má gbé ínsúlínì lé yìnyín. Díẹ̀díẹ̀ ni ooru ń bà á jẹ́, ṣùgbọ́n bó bá dì pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà bó yọ́ padà.

Ìgò tí a kò tíì ṣí ló ń fẹ́ fíríìjì, ní ìwọ̀n 2 sí 8 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Èyí tí à ń lò lọ́wọ́ sábà máa ń lè wà níta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru ò bá ju 30 lọ. Ẹ wo ìwé inú páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń ju 30 lọ. Ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ da iyanrìn sáàárín méjèèjì, kí ẹ máa fi omi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ di oògùn náà sínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án, ẹ fi aṣọ tútù bo ìkòkò, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Nígbà ọyẹ́ ló ń tutù jù. Nígbà òjò, agbára rẹ̀ ń dín kù.

Ínsúlínì tó yẹ kó mọ́ gaara, tó wá dà bí omi ògì, ti bàjẹ́. Òmíràn á bàjẹ́ láìyí àwọ̀ padà: bí ṣúgà bá ń ga láìnídìí, ẹ lo ìgò tuntun, kí ẹ sì kàn sí dókítà.

Ní ti oògùn apakòkòrò olómi tọmọdé, àwọn kan kì í ju ọjọ́ 7 lọ nínú fíríìjì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti po ó. Kí apòògùn tó bu omi sí i, ẹ sọ fún un pé iná yín kì í dúró, kó lè fún yín ní èyí tó fara da ìta.