Ìwà Àrùn, Ìrìn Àrùn: Bí Lẹ́tà Ojú Kejì Ṣe Lè Dúró ní Yorùbá

Mo ka ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pín fún aláìsàn. Ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ dókítà rẹ̀ kò bá tíì yé lẹ́tọ̀ọ́ sí «èrò kejì». Inú bí mi. Bí a bá ní ẹnì kan ní èrò kejì, ohun tí etí Yorùbá gbọ́ ni pé ó ti yí ohùn padà, tàbí pé nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀ tí kò sọ síta. Aláìsàn tó bá ka ìwé yẹn yóò máa retí kí dókítà rẹ̀ yí ohùn padà.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ẹnì kan. Bàbá ẹni ọdún 68 ni. Ìtọ̀ há a lóru, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà. Ní ọjọ́ kẹta, tí rọ́bà ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń kọ ní PSA, ó jẹ́ 14. Lẹ́yìn èyí wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu ẹran pírósítéètì rẹ̀ ní ọ̀nà 12. Wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú méjì, wọ́n sì kọ Gleason 3+3=6 sí i. Dókítà ní kí wọ́n yọ kórópọ̀n rẹ̀ méjèèjì. Kí bàbá tó fọwọ́ sí ìwé, ó fẹ́ kí dókítà àgbà mìíràn bá òun wò ó. Yorùbá ni yóò fi pe lẹ́tà tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i fún ọmọ rẹ̀ kọ. Ọ̀rọ̀ wo ni yóò lò?

Púpọ̀ nínú wọn kò le. Ọsibítù, dókítà, kọnsọ́táǹtì àti jẹjẹrẹ ti wọlé, kò sẹ́ni tí wọ́n ń dí lọ́wọ́. Pírósítéètì náà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kí a máa pè é ní «ẹ̀yà ara apèsè-omi-àtọ̀» kò tíì jókòó ti bàbá tí ìtọ̀ há.

Orúkọ ohun tó ń tọrọ gan-an ló fa àríyànjiyàn. Àwọn kan dábàá «àtúnyẹ̀wò». Ọ̀rọ̀ rere ni, àmọ́ wọ́n ti fi ṣe ti ẹ̀kọ́ àti ti àkáǹtì, ó sì ń jọ pé èyí àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ dá a lápẹẹrẹ pé a ti ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, kí ló dé tí a kò fi ní «àyẹ̀wò kòtẹ́milọ́rùn»? Mo rẹ́rìn-ín. Ní kóòtù, ẹnì kan ní láti jẹ̀bi, adájọ́ kejì sì lè dá ti àkọ́kọ́ nù. Dókítà kejì kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ó sì lè wò ó tán kó ní òótọ́ ni ẹnì kejì òun sọ. «Ojú kejì» ni mo fara mọ́: ẹ bá mi fi ojú kejì wò ó. Nǹkan kan náà ni wọ́n ń wò, ojú ló yàtọ̀, a kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ràn wá lọ́wọ́ níbi ìwé tí bàbá yóò fi ránṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ránṣẹ́ ni èsì àyẹ̀wò nìkan. Èsì sì ni ohun tí ojú àkọ́kọ́ sọ. Bí èsì nìkan bá dé iwájú kọnsọ́táǹtì, gbọ́yìí-sọ̀yìí ló gbọ́, kò tíì rí nǹkan kan. Ohun tí ojú kejì ní láti rí ni awẹ́ gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹran náà sí, àti ìda tí wọ́n ri ìyókù ẹran náà mọ́, nítorí a lè gé awẹ́ tuntun láti ara rẹ̀. Ọsibítù máa ń tọ́jú méjèèjì. Bàbá ní láti béèrè wọn ní tààrà. Ní ti «àsomọ́» tí àwọn kan ń kọ, mi ò rí iṣẹ́ tó ń ṣe. «Mo fi nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí» ti tó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó ba lẹ́tà jẹ́ jù, ìyẹn «ìpele». Nínú ìwé wa, ìpele ni wọ́n pe bí àrùn ṣe rí lójú ẹ̀rọ, ìpele náà ni wọ́n pe ibi tó tàn dé. Nǹkan méjì tó jìnnà síra ni. Ọdún 1966 ni Donald Gleason, dókítà ará Amẹ́ríkà, gbé ìlànà tirẹ̀ jáde: ó pín bí jẹjẹrẹ pírósítéètì ṣe ń rí sí oríṣi márùn-ún, wọ́n sì ń ṣírò méjì pọ̀. Lónìí, 6 ni ó kéré jù tí wọ́n ń kọ sórí ẹran tí abẹ́rẹ́ bù, 10 ló burú jù. Bí ẹ bá pe èyí ní máàkì, bàbá yóò rò pé òun gba mẹ́fà nínú mẹ́wàá, pé àrùn òun ti kọjá ìdajì ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà.

Mo dábàá kí a pe èyí ní ìwà àrùn, kí a sì pe ibi tó tàn dé ní ìrìn rẹ̀. Yorùbá kò ní ṣi méjèèjì mú fún ara wọn láéláé. Ọmọlúàbí lè rìn jìnnà, ìpáǹle sì lè jókòó sílé. Bí a bá ti ní ìwà àti ìrìn lọ́wọ́, ohun tó rú bàbá lójú á hàn. (Ẹ má kọ «iyèméjì» síbẹ̀ o, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nìyẹn, bí ẹni pé bàbá kò gba dókítà gbọ́.) Kórópọ̀n ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú èròjà tí jẹjẹrẹ yìí ń jẹ, ìdí nìyẹn tí yíyọ rẹ̀ fi ń dáwọ́ àrùn dúró. Dókítà Charles Huggins ló fi èyí hàn ní 1941. Ìtọ́jú àrùn tó ti rìn kúrò nínú pírósítéètì ni yíyọ kórópọ̀n, pàápàá èyí tó ti wọ egungun. Ìwà tí wọ́n kọ fún bàbá yìí tutù, ẹnikẹ́ni kò sì tíì wo ìrìn rẹ̀.

Bí mo ṣe bá wọn tò ó nìyí:

«Ẹ̀yin Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ojú kejì wo ọ̀rọ̀ ara mi. Mo fi èsì ẹ̀jẹ̀, awẹ́ gíláàsì àti ìda ẹran ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Nǹkan mẹ́ta ló rú mi lójú. Ọjọ́ kẹta tí rọ́bà wà lára mi ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ 14; ṣé kì í ṣe ìtọ̀ tó há àti rọ́bà ló gbé e ga, ṣé ká tún un gbà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Ṣé ìwà 6 náà ni ẹ̀yin rí lórí gíláàsì, àbí abẹ́rẹ́ fo ibi tó burú? Ẹ̀kẹta, wọn kò ya àwòrán egungun mi. Kí ló fi hàn pé àrùn yìí ti rìn débi tí wọ́n fi ní láti yọ kórópọ̀n? Bí dókítà mi bá fọwọ́ ba ohun kan nídìí mi tí kò sí nínú ìwé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi bi í. Bí kò bá sì tíì rìn, ṣé a lè máa ṣọ́ ọ?»

Ọmọ rẹ̀ bi mí léèrè bóyá «ṣọ́» kò fúyẹ́ jù fún ọ̀rọ̀ dókítà. Mo ní ẹni tó ń ṣọ́ ilé kò sùn: wọn yóò máa gba ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè, wọn yóò tún máa fi abẹ́rẹ́ bu ẹran wò bí àkókò bá tó. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.