Ògiri Tí Kò Kan Páànù: Ìmọ́lẹ̀, Atẹ́gùn àti Ariwo Nínú Kíláàsì Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Láti oṣù kìíní 1955 tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, oríṣi ilé-ìwé kan ló gbòde: ilé gbọọrọ tí kíláàsì bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin so kọ́ra, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú wọn, tí páànù sì bo gbogbo rẹ̀. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìrísí ilé yìí bá ojú ọjọ́ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun mu tí a bá kọjú rẹ̀ síbi tó yẹ. Ariwo ni àléébù rẹ̀, orí ògiri tó pààlà kíláàsì ni àléébù náà sì pọ̀ sí jù.

Oòrùn àti atẹ́gùn

Ìlú méjèèjì wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán kì í jìnnà sí àtàrí ẹni. Oṣù Kejìlá ló máa ń tẹ̀ sí gúúsù jù. Ká ní ẹsẹ̀ fèrèsé fi mítà 2 rẹlẹ̀ sí etí òrùlé, tí etí òrùlé náà sì yọ síta ní mítà 1.2, oòrùn ọ̀sán oṣù náà kò ní wọlé. Oòrùn agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni kò sí etí òrùlé tó lè dá a dúró, torí ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ògiri gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n yàwòrán ilé Yunifásítì Ìbàdàn, tẹnu mọ́ irú ìlànà báyìí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1956 lórí ilé kíkọ́ nílẹ̀ olóoru. Bí ilẹ̀ kò bá gbà, tí ilé ti kọjú sí ìlà-oòrùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kó wà níbẹ̀, nítorí àárọ̀ ni àwọn ọmọ ń kàwé, wọn kì í sábà sí ní kíláàsì nírọ̀lẹ́.

Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní ògiri gígùn méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé kì í sábà ṣe é kàwé tó bá ti rìn kọjá nǹkan bí ìlọ́po méjì gíga orí fèrèsé náà. Bí orí fèrèsé bá ga ní mítà 2.1, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi mítà 4. Nínú kíláàsì tó fẹ̀ ní mítà 7, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan yóò fi àwọn ọmọ tó wà lódìkejì sínú òkùnkùn. Fèrèsé méjì tó kọjú síra náà ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba ara ọmọ kọjá.

Ibi tí ariwo ń gbà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé báyìí, ògiri àárín dúró níbi tí igi òrùlé ti bẹ̀rẹ̀, kò kan páànù. Bí kò bá sí àjà, tàbí tí àjà ti já, ohùn kíláàsì kejì yóò fo ògiri kọjá. Ọ̀nà ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé kíláàsì méjì tó fara kanra, kí ọ̀kan máa ka ìwé sókè. Bí ẹni tó wà ní ìkejì bá ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní kedere, òkè ni ohùn ń gbà.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi búlọ́ọ̀kù parí ògiri náà títí dé abẹ́ páànù, kí a sì fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo àlàfo. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rù pé ooru yóò mú àwọn ọmọ, kó wo bí ilé ṣe kọjú: atẹ́gùn ń gba ògiri gígùn kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde. Ògiri àárín kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ariwo òjò lórí páànù ni ògiri yìí kò lè dá dúró. Àjà ló ń dín ìyẹn kù, ó sì ṣe kókó ní táàmù kẹta, tó bọ́ sí ìgbà òjò.

Ìjókòó

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè fi ọmọ 35 sí kíláàsì kan. Nínú kíláàsì tó gùn ní mítà 9, tó fẹ̀ ní mítà 7, bí a bá to bẹ́ǹṣì ní ìlà, ọmọ ẹ̀yìn lè jìnnà sí olùkọ́ tó nǹkan bíi mítà 8. Bí a bá tò wọ́n yípo bíi pátákò ẹṣin, ní ìlà méjì, olùkọ́ lè wọ àárín, kí ọmọ tó jìnnà jù má ju mítà 4 lọ. Bí ọ̀nà bá fi ìdajì dínkù báyìí, ohùn olùkọ́ lè fi nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 lékún létí ọmọ náà. Àmọ́ bẹ́ǹṣì gbọ́dọ̀ fúyẹ́ tó kí ọmọ méjì lè gbé e. Bí ọmọ bá sì ti tó 60, ààyè kò ní gba ìtò yìí mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba Ọ̀ṣun àti ẹgbẹ́ òbí òun olùkọ́ ni pé kí wọ́n tó ná owó lórí fèrèsé tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ gbójú sókè wo ògiri àárín. Bí kò bá kan páànù, ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.