Odò Ọ̀tìn àti Òǹkà: Bí a ṣe ń wọn ọ̀nà, eré àti àkókò nínú ìtàn Ogun Jálumi

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1878, ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n ṣáájú wọn, ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n dó ti Ìkirun. Nígbà tí àwọn ará Ìlọrin ń sá padà, odò Ọ̀tìn gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, ibẹ̀ sì ni ogun náà ti gba orúkọ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọ ìsá yìí, gbólóhùn tó máa ń wá sí wa lẹ́nu kì í ju pé ọ̀nà jìn, wọ́n sáré gan-an, odò sì kún. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kà á kò rí nǹkan kan. Àwọn kan rò pé òǹkà ni oògùn rẹ̀: kí a ṣáà fi kìlómítà sí i. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí kò sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí, ẹni tó ń rìn ín àti ohun tó gbé dání kò sàn ju "ọ̀nà jìn" lọ.

Àìtó yìí kì í ṣe ẹ̀bi àwọn àgbà tó ń sọ ìtàn fún wa. Ogun ọ̀rúndún yẹn lé àwọn ará Òkukù wọ Ìkirun, ìrántí rẹ̀ kò sì tíì parẹ́ ní Òkukù. Ṣùgbọ́n oríkì ni ọ̀pọ̀ ìrántí náà ń gbé inú rẹ̀. Karin Barber, tó gbé Òkukù fún ìgbà kan láàrin ọdún 1970 sí 1979 tó sì kọ ìwé lórí oríkì ìlú náà ní 1991, ti fi hàn pé oríkì kì í to ọ̀rọ̀ tẹ̀léra bí ìtàn. Orúkọ ni yóò fún ọ, àti ìwà. Kò ní sọ aago. Ọwọ́ òǹkọ̀wé ni iṣẹ́ ìwọ̀n kù sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà kọ́kọ́. Láti Ìkirun dé Òkukù, kìlómítà 10 sí 15 ni, ó dá lórí ibi tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú ìlú kìíní àti ibi tí o bá dúró sí nínú ìkejì. Kí òǹkọ̀wé sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: láti ojúde ọba dé ojúde ọba, tàbí láti ọjà dé ọjà. Máìlì ni àwọn àgbà fi ń sọ̀rọ̀, nítorí pé àárín ọdún 1970 sí 1979 ni kìlómítà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí bàbá kan bá wí pé "tó máìlì mẹ́wàá," ó ń fojú wọ̀n ọ́n ni. Ẹni tó bá wá kọ kìlómítà 16.09 sílẹ̀ ti fi ohun tí bàbá náà kò sọ sí i lẹ́nu. "Nǹkan bí kìlómítà 16" ni òótọ́ rẹ̀, kí "nǹkan bí" náà má sì bọ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń tún ọ̀rọ̀ kọ.

Eré ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Jálumi yé mi jù. Ká fi kìlómítà 6 ṣe àpẹẹrẹ láti pápá ogun dé bèbè odò. Ẹṣin tó ń sá níwọ̀ntúnwọ̀nsì lè rin kìlómítà 12 ní wákàtí kan; yóò dé bèbè ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó lè sá tó 40 bí ọ̀gá rẹ̀ bá nà án, ṣùgbọ́n kò ní lè bá a lọ títí. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ sáré ní kìlómítà 8 ní wákàtí yóò dé ní ìṣẹ́jú 45. Ẹni tó ru ẹrù, tàbí tó ń fa ẹni tó gbọgbẹ́, kò ní lè ju kìlómítà 4 lọ, wákàtí kan ààbọ̀ ni tirẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ogun ló dé odò lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí ẹṣin àkọ́kọ́ fi kan omi títí dé ìgbà tí ẹlẹ́rù dé, wákàtí kan gbáko ti kọjá, èrò sì ń pọ̀ sí i ní bèbè. Àwọn tó wà níwájú rí omi, wọ́n dúró; àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí i, wọ́n ń tì wọ́n. "Wọ́n sáré gan-an" kò lè fi èyí hàn wá láé, nítorí ó sọ eré mẹ́ta di ọ̀kan.

Bí a bá sì fẹ́ kí ènìyàn rí ẹṣin kan ṣoṣo tó ń bọ̀, ká fi wákàtí sílẹ̀. Kìlómítà 40 ní wákàtí jẹ́ mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó dúró ní ọgọ́rùn-ún mítà síwájú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án láti yà.

Ní ti omi, ara ènìyàn ni ìwọ̀n tó dára jù: dé orókún, dé ìbàdí, dé abẹ́ apá. Ṣùgbọ́n kí a sọ ti ta ni, nítorí omi tó dé ìbàdí àgbàlagbà lè bo ọmọdé mọ́lẹ̀. Kí a sì sọ bóyá omi náà ń ṣàn, torí omi ìbàdí tó ń ṣàn kíákíá lè gbé ẹsẹ̀ alágbára kúrò nílẹ̀.

Àkókò ní ìṣòro tirẹ̀. Ní 1878, kò sí aago kan tí gbogbo ilẹ̀ yìí jọ ń lò. Ọdún 1919 ni aago tí à ń lò lónìí, èyí tó fi wákàtí kan ṣíwájú ti Gíríníìṣì, tó múlẹ̀. Ẹni tó bá kọ "aago méjìlá ọ̀sán" sí ìtàn Jálumi, aago tirẹ̀ ló wọ̀ fún wọn. Oòrùn kì í tàn wá jẹ níhìn-ín. Lágbègbè Òkukù, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, oòrùn máa ń yọ ní nǹkan bí aago 6:30 ní ti aago òde òní, ó máa ń ga jù ní nǹkan bí 12:25, ó sì máa ń wọ̀ ní nǹkan bí 6:20 ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn tó bá wọ̀, ó lé díẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú kí ilẹ̀ tó ṣú débi tí a kò ní mọ ojú ẹni. Nítorí náà "ìrọ̀lẹ́" nìkan kò tó. Ẹni tó dé bèbè kí oòrùn tó wọ̀ rí ibi tí òun lè gbà sọdá. Ẹni tó dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ń fi ẹsẹ̀ wá a nínú òkùnkùn.

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù nínú ìwé wa ni kíka ọjọ́. Àwọn àgbà máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ Jálumi bọ́ sí. Bí a bá gbọ́ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún ogun náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 5 oṣù, ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún" ti sún un sí ọjọ́ 6. Ó dà bí nǹkan kékeré, àfi bí ọjọ́ ọjà bá wọ̀ ọ́. Ọjà tí à ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló fi ń padà wá ní ti kàlẹ́ńdà, ọjà ìtàdógún sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Bí ìtàn kan bá wí pé ọrún márùn-ún kọjá lórí ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ ogun náà, ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ló parí sí. Mo ti rí i ní ibi tí wọ́n ti fi márùn-ún lọ́nà márùn-ún ṣe ìṣirò irú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ọjọ́ 26.